Beloved ní kíláàsì ọmọ wa: ṣé kí á bá wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́?

Baba Fadékẹ́mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Virginia la wà. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 17, wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama, ó sì ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì onípele gíga tí yunifásítì máa ń kà sí. Tíṣà wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé pé Beloved, ìtàn àròsọ Toni Morrison nípa ìgbà ẹrú ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa kà, pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀, àti pé òbí tí kò bá fẹ́ ẹ lè ní kí wọ́n fún ọmọ òun ní ìwé mìíràn. Ní báyìí, àwọn òbí kan ti ń gbé ìwé kiri pé kí á fọwọ́ sí i, kí wọ́n yọ Beloved kúrò pátápátá. Ìyàwó mi fẹ́ fọwọ́ sí i. Èmi ò tíì ka ìwé náà. Ìpàdé wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an, báwo ni mo sì ṣe lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí mi ò ní fojú ẹnikẹ́ni gbolẹ̀?

Aláàánú Mushin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Wọ́n ti fòfin de ìwé yẹn ní Virginia. Gómìnà ló buwọ́ lù ú ní 2022, Beloved yìí gan-an ló sì fa òfin náà. Mo rántí ìpolówó ìbò tí wọ́n fi ìyá kan ṣe. Tíṣà yẹn ló ń wá wàhálà.

Ìyá Ilé Ìkàwé

Aláàánú, òfin wà lóòótọ́, ìpolówó náà wà, ìwé yìí náà ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún kò fòfin de ìwé kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra, torí àwọn tó máa wà ní ìpàdé Baba Fadékẹ́mi máa mẹ́nu bà á dandan. Ilé ìkàwé ilé ìwé girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ìyá kan wà ní agbègbè Fairfax tí ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní irú kíláàsì tí Fadékẹ́mi wà yìí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka Beloved, ó ní ó wúwo jù fún òun. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn náà gòkè títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo ilé ìwé agbègbè náà, ní oṣù kejì ọdún 2013 wọ́n sì dìbò pé àwọn ò ní tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ìwé náà dúró. Ni ìyá yìí bá kọrí sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀.

Àbá òfin tí wọ́n gbé jáde ní 2016 kò ní kí wọ́n yọ ohunkóhun. Ó ní kí ilé ìwé fi tó òbí létí bí ohun tí ọmọ máa kà bá ní ìbálòpọ̀ tó hàn gbangba nínú, kí wọ́n sì fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀ ní nǹkan mìíràn kà. Terry McAuliffe ni gómìnà nígbà yẹn, ó kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Àwọn aṣojú fẹ́ fi ìbò borí rẹ̀, ìbò kan ṣoṣo ló dín. Wọ́n tún gbé irú rẹ̀ wá ní 2017, ó tún kọ̀.

Ìgbà tó di 2021, McAuliffe tún jáde du ipò gómìnà. Níbi tí òun àti Glenn Youngkin ti ń jiyàn níwájú kámẹ́rà, ó ní òun ò rò pé òbí ló yẹ kó máa sọ ohun tí ilé ìwé máa kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbá mú. Youngkin gbé ìyá ará Fairfax jáde nínú ìpolówó, kò sì síbi tí wọ́n ti dárúkọ ìwé náà nínú rẹ̀. Youngkin wọlé. Ní 2022 ó buwọ́ lu òfin tó jọ ti 2016. Lẹ́tà tí tíṣà fi ránṣẹ́ sí Baba Fadékẹ́mi, òfin yẹn ló ń tẹ̀ lé. Nínú òfin náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí àṣẹ láti máa yọ ìwé.

Mi ò ní tàn yín pé ibẹ̀ ló parí sí o. Ní 2023, ní agbègbè Spotsylvania ní Virginia kan náà, ọ̀gá àgbà àwọn ilé ìwé ibẹ̀ ní kí wọ́n kó ìwé 14 kúrò ní ilé ìkàwé, òfin 2022 yìí ló sì tọ́ka sí. Beloved wà lára wọn, The Bluest Eye tí Morrison kan náà kọ sì wà níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ohun tí tíṣà ní kí ọmọ kà ni wọ́n fi kó ìwé lórí pẹpẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fipá mú ọmọ kà á. Nítorí náà, Baba Fadékẹ́mi, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń gbé kiri yẹn: ṣé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì ni, àbí kí wọ́n kó o kúrò ní ilé ìwé? Àwọn kan máa fọwọ́ sí èkejì, tí wọ́n á rò pé àkọ́kọ́ làwọn ń fọwọ́ sí.

Díkónẹ́ẹ̀sì Bùkọ́lá

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún àwa tí a ò fẹ́ ẹ, torí mo ti rí ibi tí èyí ń lọ.

Ní orí kìíní ìwé yẹn ni àwọn ọkùnrin ti ń bá ọmọ màlúù lò pọ̀. Kì í ṣe àhesọ, mo rí ojú ewé náà lórí Wásáàpù. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá kan fi ayùn gé ọmọ ara rẹ̀ lọ́rùn. Tí ọkùnrin kan bá jókòó ti ọmọ mi nínú bọ́ọ̀sì tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i, ọlọ́pàá ni mo máa pè. Ṣùgbọ́n torí pé ẹni tó kọ ọ́ gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì, ó wá di dandan kí n pa ẹnu mọ́?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí èèyàn bá ti bèèrè nǹkan kan, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ò là, tàbí pé kò fẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn ẹrú. Oníṣègùn òyìnbó ni mí, mo kàwé. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ ìtàn ẹrú. Mo kàn ń bèèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ìwé yìí ni wọ́n máa fi kọ́ ọ.

Sẹ́yẹ Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi mu. Nígbà tí mo wà ní girama, ní ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, ìwé ìtàn àròsọ kan wà lára èyí tí a máa fi ṣe ìdánwò. Òbí kan lọ fẹjọ́ sùn. Kí ni ọ̀gá ilé ìwé ṣe? Ó ní kí gbogbo wa kó ìwé wa wá, wọ́n bá fi abẹ́fẹ́lẹ́ gé ojú ewé mẹ́rin kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Gbogbo wa pátá la lọ wá ojú ewé mẹ́rin yẹn kà! Títí dòní, òun nìkan ni mo rántí nínú ìwé náà.

Ìbéèrè mi: ṣé kò sí Beloved tí wọ́n ti yọ ibi tí kò dáa kúrò nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ lè kà? Mo rò pé ohun tí Baba Fadékẹ́mi ń wá nìyẹn.

Olùkọ́ Akin

Sẹ́yẹ, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń bèèrè, ṣùgbọ́n màá padà sórí ẹ̀.

Díkónẹ́ẹ̀sì, ẹ kú ọ̀rọ̀ mà. Gbogbo ohun tí ẹ ní ó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dìde ní ìpàdé tó ní kò sí i, tàbí tó ní kò tó nǹkan, kò ka ìwé náà. Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti kọ́ wọn ní ìwé yìí. Ẹ jẹ́ ká mú ibi ọmọ màlúù yẹn gan-an, torí òun ni wọ́n máa ń gé fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ká wo ohun tó ń ṣe nínú ìtàn náà.

Ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ló wà nídìí ìwé náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1856, obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Garner sá kúrò lóko ẹrú ní Kentucky, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ rin orí odò Ohio tó ti di yìnyín kọjá sí Cincinnati. Nígbà tí àwọn tó ń lépa wọn ká wọn mọ́lé, ó fi ọ̀bẹ pa ọmọbìnrin rẹ̀ kan kí wọ́n má bàa gbé e padà sóko ẹrú. Morrison gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Sethe tirẹ̀, tí òun náà sá kúrò ní oko kan ní Kentucky tí wọ́n ń pè ní Sweet Home.

Ọmọ ọdún 13 ni Sethe nígbà tí wọ́n rà á dé oko yẹn. Ọkùnrin ẹrú márùn-ún ló bá níbẹ̀, wọn ò níyàwó, wọn ò sì lè jáde lọ wá ìyàwó. Gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó máa gbà á sílẹ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi ọdún kan gbáko dúró kó fúnra rẹ̀ mú ẹni tó wù ú nínú wọn. Inú ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ màlúù wà. Kò gùn, Morrison kò sì dúró máa ṣàpèjúwe rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni olówó wọn kú, tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà wá bójú tó oko náà. Ọ̀mọ̀wé ni, ìwé àti kálàmù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Sethe ń kọjá, ó gbọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ ìwà èèyàn tí Sethe ní sí apá òsì, kí wọ́n kọ ìwà ẹranko rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ ẹbí Tíṣà di Sethe mọ́lẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, wọ́n fẹnu fa wàrà ọmú rẹ̀, Tíṣà dúró níbẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹ rí bí ibi méjèèjì ṣe ń wo ara wọn? Àwọn tí ìwà tí wọ́n hù ń ríni lára níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bu ọlá fún ọmọbìnrin náà. Ọ̀mọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní ló ka èèyàn mọ́ ẹranko. Bí wọ́n bá yọ ti ìṣáájú, ìbéèrè pé ta ni ẹranko nínú wọn kò ní múlẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí, Sẹ́yẹ, tí abẹ́fẹ́lẹ́ ò fi ran irú ìwé yìí lọ́wọ́. Wọ́n ti dán an wò lórí Huckleberry Finn ti Mark Twain. Ní 2011, ilé ìtẹ̀wé kan ní Alabama tẹ ẹ̀dà kan níbi tí wọ́n ti fi “ẹrú” rọ́pò èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú, níbi tó lé ní 200. Àwọn tí èébú náà ń dùn ò gbà pé wọ́n ti tún nǹkan kan ṣe, àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà ò gbà pé ìwé kan náà ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé lára àwọn tó máa ń tako Huckleberry Finn ni àwọn òbí aláwọ̀ dúdú tí wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn jókòó nínú kíláàsì òyìnbó kí wọ́n máa ka èébú yẹn sókè léraléra. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé ojú wọn ò là? Ohun tó ń dun èèyàn nípa ìwé kan ni kí á gbọ́, kí á tó pinnu irú èèyàn tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n Díkónẹ́ẹ̀sì, ibì kan wà tí mi ò lè dá yín lóhùn. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wà nínú ìwé. Kò ṣàlàyé ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọmọ yín kan pàtó ló máa kà á, ní ọdún yìí, fún máàkì. Ìbéèrè méjì nìyẹn, àwa olùkọ́ sì máa ń fi ìdáhùn ọ̀kan dá èkejì lóhùn.

Lọ́yà Ọ̀la

Ẹ tún fi ti ilé ẹjọ́ kún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní 1982. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé Island Trees ní New York kó àwọn ìwé kan kúrò ní ilé ìkàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre. Ilé ìwé ò lè yọ ìwé torí pé èrò inú rẹ̀ kò wù wọ́n. Ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé, wọ́n á dákẹ́.

Ìyá Ilé Ìkàwé

Lọ́yà, wọn ò ní dákẹ́ o, pàápàá bí lọ́yà mìíràn bá wà níbẹ̀. Adájọ́ mẹ́rin péré nínú mẹ́sàn-án ló fọwọ́ sí ìdí tí ẹ sọ yẹn. Ẹnì karùn-ún kàn gbà pé kí ẹjọ́ náà padà sí kóòtù ìsàlẹ̀ ni, kò bá wọn dá sí ìdí. Àwọn mẹ́rin yẹn náà gbà pé ilé ìwé lè yọ ìwé bí ó bá kún fún ọ̀rọ̀ rírùn tàbí tí kò bá bá ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mu. Ilé ìkàwé ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n yọ ohun tí tíṣà ń kọ́ ní kíláàsì sọ́tọ̀. Nípa ti Fadékẹ́mi, ẹjọ́ yẹn kò mú un dé ibi tí ẹ rò.

Ohun tí mo rò pé ó wúlò nínú ẹjọ́ Island Trees ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà lọ sí àpérò àwọn òbí kan, wọ́n gba orúkọ ìwé tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, wọ́n padà dé, wọ́n wọ ilé ìkàwé lálẹ́ lọ wò ó bóyá àwọn ìwé náà wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ orúkọ ìwé fún wọn. Ibi tí mo ti máa ń fi ojú sílẹ̀ nìyẹn bí ẹ̀sùn bá dé ọ̀dọ̀ mi: ṣé ìwé yìí ni òbí yìí bá pàdé, àbí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i? Èyí tó ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ wá, ó máa ń ní nǹkan pàtó tó ń fẹ́, a sì máa ń rí i yanjú. Ìyá ará Fairfax yẹn, bí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ka ìwé náà.

Wàńbúrúù Ọmọ Yorùbá

Nairobi la bí mi sí, ìyá mi ará Kẹ́ńyà, bàbá mi ará Ṣakí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fífi òfin de ìwé jẹ́ ní tiwa, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ti Virginia kéré sí i. Ní 1986, Matigari tí òǹkọ̀wé wa Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ní èdè Gĩkũyũ jáde. Ìtàn náà dá lórí ọkùnrin kan tó ń rìn káàkiri ìlú, tó ń bèèrè ibi tí òtítọ́ àti ìdájọ́ òdodo wà. Àwọn èèyàn abúlé ka ìtàn náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Matigari lẹ́nu bí ẹni tó wà láyé. Ìjọba Moi gbọ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú ọkùnrin náà! Ìgbà tí wọ́n rí i pé inú ìwé ló wà, ọlọ́pàá ya wọ àwọn ilé ìtàwé ní oṣù kejì 1987, wọ́n kó gbogbo ẹ̀dà tó wà níbẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìpàdé.

Díkónẹ́ẹ̀sì Bùkọ́lá

Wàńbúrúù, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èmi wé Moi. Èmi ò ní ọlọ́pàá kankan.

Olùkọ́ Akin, ẹ ṣeun tí ẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ ti Tíṣà tó ń kọ ìwà ẹranko sílẹ̀ yẹn, wọn ò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí wa. Síbẹ̀, mo ṣì ní ìbéèrè. Wọ́n ní ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ̀ á gba ìwé mìíràn. Ẹ sọ fún mi, níbo ni ọmọ náà máa jókòó sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí àwọn yòókù fi ń sọ̀rọ̀ ìwé náà? Ọ̀dọ̀ tiwa, ilé ìkàwé ni wọ́n ní kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi lọ jókòó sí, òun nìkan. Gbogbo kíláàsì mọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi máa ń ní kí wọ́n kúkú yọ ìwé náà fún gbogbo èèyàn. Kì í ṣe pé a fẹ́ jọba lórí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá Ilé Ìkàwé

Díkónẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ kí ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́. Mo ti jókòó ní ọ̀pọ̀ kọmítì tó ń yẹ ẹ̀sùn lórí ìwé wò, kò sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bi wá ní ìbéèrè nípa àga. Àwọn olùkọ́ kan máa ń pín gbogbo kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin, ìwé tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kà yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí ìgbà ẹrú, kó má ṣe sí ọmọ kan tó dá yàtọ̀. Ó ń gba àsìkò olùkọ́ gan-an ni, gbogbo ilé ìwé kọ́ ló sì lè ṣe é.

Ìwé tí wọ́n máa fi rọ́pò náà lè di ìjà. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé kí ọmọ ka ìtàn ìgbésí ayé Harriet Jacobs, èyí tó jáde ní 1861, torí obìnrin tó ti ṣe ẹrú rí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó fi ìtìjú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó lé Harriet sá náà ni pé olówó rẹ̀ ń fẹ́ bá a sùn láti kékeré, ó sì fi ọdún méje sá pamọ́ sí òrùlé ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ojú obìnrin ẹrú rí, kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló ń dùn ún, ìwé náà lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí èèyàn mọ èwo nínú méjèèjì ló ń dun òun.

Baba Fadékẹ́mi

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Mo gba ìmọ̀ràn yín, mo lọ bi ìyàwó mi ohun tó ń dùn ún gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ màlúù rárá! Ó ní ẹnì kan ní ilé ìjọsìn sọ fún òun pé òkú ọmọ kan ló padà wá sílé nínú ìwé náà, tó ń bá wọn jẹun, tó ń bá wọn sùn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun máa bá ẹ̀mí òkú ṣeré nínú ọkàn rẹ̀. Mo ti lọ kó gbogbo àlàyé màlúù sórí, mo wá bá ara mi níwájú àbíkú.

Aláàánú Mushin

Àbíkú ni! Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ìwé Yorùbá ni obìnrin yẹn kọ, kò kàn dárúkọ wa ni.

Olùkọ́ Akin

Aláàánú, ẹ rọra. Òkú ọmọ padà wá lóòótọ́, ó dàgbà tó ìwọ̀n ọjọ́ orí tí ì bá dé ká ní ó wà láyé, ó sì ń fẹ́ kí ìyá rẹ̀ san gbèsè. Ṣùgbọ́n àbíkú tiwa fúnra rẹ̀ ló ń yan ikú, ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn kó tó wá. Ọmọ yìí kò yan nǹkan kan, ìyá rẹ̀ ló pa á. Ìyá àbíkú ń bẹ ọmọ kó dúró. Sethe ń bẹ ọmọ kó dárí ji òun. Ẹni tó bá kà á bí ìwé àbíkú, ẹ̀bi ìyá náà máa bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ti ìyàwó yín, Baba Fadékẹ́mi, mi ò ní sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ìwé náà ń kọ́ èèyàn láti máa bá òkú sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún wọn bó ṣe parí: ẹni náà ń mu ẹ̀jẹ̀ ilé náà gbẹ ni, Sethe ń rù, kò lè dìde mọ́. Ní ìparí, ọgbọ̀n obìnrin ìlú kóra jọ síwájú ilé náà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, ó sì lọ. Mo mọ pásítọ̀ kan tó fi ibẹ̀ wàásù. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí ẹ̀mí kankan wà nínú ohun tí ọmọ ń kà rárá, mi ò ní ìdáhùn fún ìyẹn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí Fadékẹ́mi.

Díkónẹ́ẹ̀sì Bùkọ́lá

Nítorí Fadékẹ́mi. Ọmọ ọdún 17. Ẹnikẹ́ni ti bi òun fúnra rẹ̀?

Ìyá Ilé Ìkàwé

Ìbéèrè tó yẹ kó ti wá tipẹ́ nìyẹn.

Baba Fadékẹ́mi, nípa ìpàdé: wọn kì í fún èèyàn ní ju ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lọ, ẹ má ka ìtàn. Ẹ bèèrè fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn lọ́wọ́ ilé ìwé kí ẹ tó lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń bèèrè bóyá olùfisùn ti ka ìwé náà tán, ojú ewé tó ń dùn ún, àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn síwájú àwọn tó ń gbé ìwé kiri, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n, kó má jọ ìgbà tí ẹ fẹ́ mú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ojú ewé kan sókè, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ka ojú ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì gbọ́ ẹnì kan tó pe àwọn olùfisùn ní aláìmọ̀wé, ẹ dá a lẹ́kun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan náà lẹ wà. Láti ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Sẹ́yẹ Ìlú Ọba

Ẹ ò tíì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìwé náà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Tiwa, abẹ́fẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ dé.

Ìyá Ilé Ìkàwé

Níbi tí ìlànà bá wà, ìwé máa ń dúró síbẹ̀ títí kọmítì á fi parí iṣẹ́, torí bí wọ́n bá ń kó o kúrò nígbàkigbà tí ẹ̀sùn bá dé, ẹ̀sùn lásán ti di ìdájọ́ nìyẹn. Níbi tí ọ̀gá kan lè dá pàṣẹ, ẹ ti rí ti Spotsylvania.

Baba Fadékẹ́mi

Mo ti rí ìwé tí wọ́n ń gbé kiri náà. “Kúrò ní gbogbo ilé ìwé agbègbè yìí” ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó kan ilé ìkàwé náà. Èmi ò ní fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ní òun ò ní fọwọ́ sí ti ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n òun ṣì fẹ́ kí Fadékẹ́mi gba ìwé mìíràn. A bi ọmọ náà. Ó ní òun ti yá a ní ilé ìkàwé gbogbogbòò láti ìjẹta, òun ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá odò, òun sì fẹ́ ká sinmi ariwo. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé e wá kí òun náà kà á. Àwọn méjèèjì ń du ẹ̀dà kan ní báyìí.

Díkónẹ́ẹ̀sì Bùkọ́lá

Èmi ṣì máa kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára èyí tó jẹ́ dandan fún àwọn ọmọ. Màá fa ìlà sábẹ́ “dandan”, màá sì béèrè ọ̀rọ̀ àga yẹn. Ìyá Ilé Ìkàwé, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí òbí tó fẹjọ́ sùn jókòó nínú kọmítì?

Ìyá Ilé Ìkàwé

Òbí máa ń wà nínú rẹ̀ níbi tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi olùfisùn fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n lè pè yín kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹ ka ìwé náà tán kí ẹ tó lọ o, mà, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.